Ẹ̀bẹ̀ sí Ọ̀gá, Ẹ̀bẹ̀ sí Ẹ̀gbọ́n Bàbá

Ká ní bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sun ọsibítù mọ́jú. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ tètè gbọ́: ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí, àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó pe ìpàdé ẹbí sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó kọ ti ọ̀gá tán, ó wá fẹ́ yí i sí Yorùbá fún ẹ̀gbọ́n bàbá.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá ọmọdé àti àgbà wí. Bí ó bá gbé e wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀, ohun tó máa jáde ni: “N kò ní wá lónìí. Jọ̀ọ́, má bínú. Mo bẹ̀ ẹ́.” Àrífín gbáà nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” ló yẹ. “Mo bẹ̀ ẹ́” ló ń tan àwọn ọmọ tó mọ̀ pé “ẹ” ni ti ọ̀wọ̀. “Ẹ” tó ṣáájú, bíi “ẹ gbọ́”, ti àgbà ni. Èyí tó bá gbẹ̀yìn, bíi “mo rí ẹ”, ti ẹgbẹ́ ẹni ni. Àgbà la ń sọ fún pé “mo bẹ̀ yín”, “mo ti pè yín”.

Ètò ọ̀rọ̀ náà ṣe kókó. Ọ̀gá fẹ́ tètè mọ̀ pé ẹnì kan ò ní wá, àti ọjọ́ tó máa padà. Létí àgbà, “n kò ní wá” tó kọ́kọ́ jáde dà bí àṣẹ. Kí ó kí wọn, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó bẹ̀bẹ̀, kó tó sọ pé òun ò ní lè wá:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìmúra ìpàdé. Ara Dádì ò yá lálẹ́ àná, ọsibítù la wà, wọ́n ń fa omi sí wọn lára. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, n kò ní lè kúrò lọ́dọ̀ wọn lónìí. Mo bẹ̀ yín.”

Ẹ wo “wọ́n ń fa omi sí wọn lára”. “Wọ́n” àkọ́kọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ni. “Wọn” kejì, Dádì nìkan ni. Bí ó bá gbé méjèèjì wọ Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe wà, ọ̀gá á rò pé èèyàn púpọ̀ ló ń ṣàìsàn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni Dádì nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí àìlọ́wọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ni pé kí a fi ìbéèrè tọrọ àyè: ṣé mo lè gba ọjọ́ òní? “Ẹ fún mi láyè” dùn ní Yorùbá, àmọ́ bí pípàṣẹ ló ń rí nínú Gẹ̀ẹ́sì. L'Ékòó, kí “sà” wà níbẹ̀rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ọ̀gá bá ti ní kí a máa pe òun lórúkọ, orúkọ náà ti tó.

Kí ẹ tó fi ti àgbà ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá gbogbo “o”, “rẹ” àti “ẹ” tó gbẹ̀yìn inú rẹ̀, kí ẹ sì yí èyí tó bá kàn wọ́n padà.