Ta Ni Ìbò Ń Lé Kúrò Nínú Ilé Big Brother Naija?

Ní alẹ́ Àìkú tí wọ́n bá lé ẹni tí ẹ fẹ́ràn kúrò nínú ilé Big Brother Naija, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ yín ni pé wọ́n ti yí ìbò. Èmi ò ní jiyàn pé èèyàn ò lè yí ìbò, Nàìjíríà la kúkú wà. Ṣùgbọ́n kí á tó pariwo olè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òfin ìdìbò náà fúnra rẹ̀. Òfin nìkan tó láti mú èsì tó yani lẹ́nu jáde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìbò kan ṣoṣo.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Àwọn tó wà nínú ilé ló máa ń fa orúkọ ara wọn kalẹ̀ pé kí lágbájá lọ. Ẹni tó bá jẹ́ Olórí Ilé lọ́sẹ̀ náà, wọn kì í lè fa orúkọ tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé orúkọ àwọn tọ́rọ̀ kàn síta fún àwa òǹwòran láti dìbò. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà wà níbí: ìbò tí à ń dì kì í ṣe ìbò láti léni, ìbò láti dáni dúró ni. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá kéré jù ló ń lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2000, ìbò lílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń dì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò kéré rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní èèyàn 1,000 ló fẹ́ dìbò, orúkọ márùn-ún ló sì wà nílẹ̀. Àjàdí jẹ́ oníjà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Èèyàn 350 fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n àwọn 650 tó kù kò fẹ́ rí i sójú. Bísí ní 250, Kúnlé ní 200, Délé ní 120. Ṣadé, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kò sẹ́ni tó bá a ṣọ̀tá, ní 80 péré. Tó bá jẹ́ ìbò láti dáni dúró, Ṣadé ló ń lọ sílé. Tó bá jẹ́ ìbò lílé, àwọn 650 yẹn á kó ìbò wọn lé Àjàdí lórí, òun ló máa gbé báàgì. Èèyàn kan náà ló dìbò, èrò wọn ò yí padà, ìbéèrè tí a bi wọ́n ló yí èsì padà. Ẹ ò rí i pé ó pé àwọn tó ń ṣe ètò náà kí Àjàdí dúró? Ilé tí kò sí oníjà níbẹ̀, ta ló fẹ́ jókòó wò ó fún oṣù mẹ́ta?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tacha ní 2019 nìyí. Wọ́n ń fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ léraléra, ariwo àwọn tí kò fẹ́ ẹ sì gba gbogbo ìgboro, síbẹ̀ ó ń là á já. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ kò ní àpótí tí wọ́n lè ju ìbò ìkórìíra sí. Gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n dìbò fún ẹlòmíràn, ìbò yẹn á sì fọ́n ká sáàárín ẹni bíi mẹ́ta mẹ́rin. Kì í ṣe ìbò ló padà mú un jáde. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, òun àti Mercy jà, àwọn alákòóso sì lo òfin ilé láti lé e. Ẹnu ọ̀nà kejì nìyẹn, òǹwòran kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Erica gbà jáde ní 2020.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ìbò ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí èèyàn. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dìbò, náírà 30 ni ọ̀kan, nọ́ńbà fóònù kan sì lè fi 100 ránṣẹ́. Náírà 3,000 nìyẹn lórí fóònù kan ṣoṣo. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Bí àwọn 350 ti Àjàdí bá dìbò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 350 náà ni. Bí àwọn 80 ti Ṣadé bá ra káàdì, tí kálukú fi ìbò mẹ́wàá ránṣẹ́, Ṣadé ti ní 800. Èyí ni ẹ fi ń gbọ́ ìṣirò tó ju iye wa lọ: ní 2020, àwọn tó ṣe ètò náà kéde pé ìbò lé ní 900 mílíọ̀nù, nígbà tí gbogbo wa ní Nàìjíríà, tọmọdé tàgbà, kò ju bíi 200 mílíọ̀nù lọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ irọ́. Ìtara àti owó káàdì ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe iye olólùfẹ́.

Ní 2020 kan náà ni wọ́n tún fi ìpele kan kún un. Lọ́dún náà, ìbò wa kò lé ẹnikẹ́ni ní tààràtà, ó kàn ń fi àwọn mẹ́rin tí ìbò wọn kéré jù hàn. Lẹ́yìn èyí, àwọn tó kù nínú ilé ló ń yan ẹni tó máa lọ láàárín àwọn mẹ́rin náà. Ó jọ ọ̀rọ̀ afọbajẹ nílé wa: ìdílé ọlọ́ba ló ń fa ọmọ oyè kalẹ̀, ṣùgbọ́n afọbajẹ ló ń mú ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ará ilé fẹ́ràn Ṣadé, tí Délé sì ti bá wọn jà, Délé ló ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò rẹ̀ ju ti Ṣadé lọ. Olólùfẹ́ Délé á kà á, á tún un kà, á ní wọ́n ti jí ìbò òun. Wọn ò jí i o. Ìbò náà kò tó láti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn mẹ́rin ni, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ parí sí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti gba irú ọ̀nà yìí. Nínú ìdíje ijó tí wọ́n ń pè ní Dancing with the Stars, wọ́n máa ń da máàkì adájọ́ pọ̀ mọ́ ìbò òǹwòran. Ní 2018, Bobby Bones, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí máàkì rẹ̀ kò dára, fi ìbò olólùfẹ́ gba ife ẹ̀yẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí òfin padà: àwọn méjì tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, adájọ́ ló máa yan èyí tó máa kù. Ṣùgbọ́n adájọ́ wọn kì í bá olùdíje jà sí ẹ̀bùn. Ní ilé Big Brother ní 2020, àwọn tó ń jà sí owó kan náà ló ń yan ẹni tó máa lọ. Èmi ò fẹ́ràn apá yìí rárá, torí alágbára tó bá bọ́ sínú àwọn mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan péré ti di ẹran ìjẹ.

Lálẹ́ àṣekágbá, ìbò wa nìkan ló kù, ẹni tó bá pọ̀ jù ló gbà á. Laycon kó ìdá 60 nínú 100 ní 2020, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Mercy gba tiẹ̀ ní 2019 pẹ̀lú bí ìdá 42. Ìdá 58 tó kù pín sáàárín ẹni mẹ́rin, kò sì sí ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ì bá fi ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣìkejì hàn.

Nígbà tí ìdìbò bọ́ sórí áàpù ilé iṣẹ́ DStv àti GOtv, owó tí èèyàn ń san fún tẹlifíṣọ̀n ló wá ń sọ iye ìbò tó ní. Ẹni tó ń san owó tó ga jù ní Lẹ́kí ń rí ìbò gbà ju ọmọ Ìlúà tó ń san ti GOtv kékeré, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ fẹ́ràn ẹnì kan náà.