Aago Méjì Lórí Káàdì Kan

Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé "Ẹ wá ní aago mẹ́wàá", ohun tí aláìsàn gbọ́ ni pé kí òun wọ ọgbà ilé ìwòsàn ní aago mẹ́wàá. Lójú dókítà, ó yẹ kí aláìsàn ti jókòó síwájú òun nígbà náà. Àárín òye méjì yìí ni ìdádúró ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ẹni tó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ká ní ṣíṣí káàdì gba ìṣẹ́jú 10, owó sísan gba 10, kíka lẹ́tà ara ògiri gba 10. Bó bá dé ní 10:00, 10:30 ni yóò tó rí dókítà. Dókítà ti jókòó lásán, gbogbo ẹni tó kàn sì ti sún sẹ́yìn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n kọ aago méjì sórí káàdì: "Ẹ dé: 9:30. Ẹ rí dókítà: 10:00." Ẹni tó ti ní káàdì tẹ́lẹ̀ kò ní ṣí òmíràn, nítorí náà 9:40 tó fún un. Ṣùgbọ́n kí aago ìdé máa tẹ̀ lé aago dókítà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo èèyàn bá dé ní 8:00, iwájú akọ̀wé ni èrò yóò kún sí. Bí akọ̀wé bá sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 8:00, ẹni tuntun kò lè rí dókítà ṣáájú 8:30.

Bí wọ́n bá fún yín ní aago kan ṣoṣo, ẹ béèrè: "Ṣé aago ìdé ni, àbí aago dókítà?"