Bí a ṣe ń dínà mọ́ ikán kí ilé tó dìde

Mo fi àtàǹpàkò tẹ férémù ilẹ̀kùn kan nígbà kan, nínú ilé tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, kò sí ihò kankan lójú rẹ̀. Àmọ́ ìka mi wọ inú rẹ̀ lọ bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Ikán ti jẹ gbogbo igi náà tán, ọ̀dà nìkan ló kù tó dúró. Nígbà tí a fọ́ ilẹ̀ tó wà nídìí férémù, a bá èèkàn tí bíríkìlà fi wọn ilẹ̀ àti bébà àpò sìmẹ́ǹtì lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ ikán ti bò wọ́n. Onílé yìí ra oògùn ikán, ó sì sanwó fún ẹni tó fọ́n ọn. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, kí ẹ lè yẹra fún un bí ẹ bá ń kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí à ń bá jà. Ara ikán rọ̀, oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ sì máa ń pa á kíákíá. Òkùnkùn àti ọ̀rinrin inú ilẹ̀ ló fi ń gbé ayé. Nítorí náà, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà dé ìdí ilé. Bí ó bá di dandan pé kó gun ògiri tàbí kọnkéré, á fi amọ̀ mọ ọ̀nà kékeré bo ara rẹ̀, èyí tó máa ń tó pẹ́ńsùlù ní ìbú. Mo máa pe èyí ní ọ̀nà amọ̀. Ohun tí à ń ṣe sí ìpìlẹ̀ kò ju méjì lọ: a ó sọ ilẹ̀ abẹ́ ilé di ibi tí ikán kò lè là kọjá, a ó sì rí i pé bí èyíkéyìí bá là á kọjá, ìta gbangba ni yóò gbà, níbi tí ojú yín yóò ti rí i.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pípa ilẹ̀ mọ́. Ẹ hú gbòǹgbò àti kùkùté kúrò. Bí ọ̀gán bá wà lórí ilẹ̀ náà, kíkó orí rẹ̀ dànù nìkan kò tó, torí inú ni ìyá ikán ń gbé, nínú yàrá amọ̀ líle kan tó ṣeé ṣe kó rẹlẹ̀ ju ojú ilẹ̀ lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi rí yàrá náà, kí ẹ kó o jáde, kí ẹ da oògùn sínú kòtò náà, kí ẹ wá kún un kí ẹ sì gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá ń da yẹ̀pẹ̀ sínú ìpìlẹ̀, ẹ dúró tì wọ́n. Èèkàn, pákó tí wọ́n fi de kọnkéré àti bébà àpò sìmẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀. Oúnjẹ ikán ni gbogbo wọn, ẹni tó bá sì sin oúnjẹ sábẹ́ ilé rẹ̀ ti pe àlejò.

Lẹ́yìn èyí ló kan oògùn inú ilẹ̀, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní tẹ́míṣáìdì. Oògùn ikán ni èmi yóò máa pè é. Irú méjì ló wà. Èkíní, bíi baifẹ́ntírìnì, máa ń lé ikán sẹ́yìn. Èkejì, bíi fipurónílì, ikán kì í mọ̀ pé ó wà nílẹ̀. Á rìn gba inú rẹ̀ kọjá, á sì gbé e lára dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó kú. Díẹ́lídírìnì àti àlídírìnì tí àwọn àgbà ń lò máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ gan-an, àmọ́ wọ́n máa ń pẹ́ nínú ara ènìyàn náà, ìdí nìyẹn tí àdéhùn àgbáyé ti ìlú Stockholm ní ọdún 2001 fi fòfin dè wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé wọn wá fún yín, ẹ má gbà á. Èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ti ikán inú ilẹ̀ ni, ni kí ẹ rà.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ohun tí a mọ̀ sí ìwọ̀n tó tọ́ ni lítà 5 oògùn tí a ti pò mọ́ omi, fún ojú ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe ìṣirò. Ilé náà gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10. Ìgbà 12 lọ́nà 10 jẹ́ 120, ìgbà 120 lọ́nà 5 sì jẹ́ 600. Lítà 600 nìyẹn, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìfọ́nkẹ́míkà tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn máa ń gba nǹkan bíi lítà 16, ó sì máa tó ìgbà 38 tí wọ́n máa pọn ún kún. Ẹni tó bá pọn ún ní ìgbà mẹ́ta, tó wá sọ pé òun ti parí, ojú ilẹ̀ nìkan ló rẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí onílé tí mo sọ nìyẹn.

Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó pò ó, torí agbára wọn kò dọ́gba. Bí baifẹ́ntírìnì náà bá jẹ́ èyí tó ní gíráàmù 100 nínú lítà kan, tí ìgò sì ní kí ẹ pò ó dé ìdá 0.06 nínú 100, mìlílítà 6 ni fún lítà omi kan. Fún lítà 600, lítà 3 àti àbọ̀ ó lé díẹ̀, ìyẹn 3.6, ni ẹ nílò. Ẹ má dín in kù torí owó, ẹ má sì fi kún un pẹ̀lú èrò pé yóò le sí i.

Àkókò tí a ń fọ́n ọn náà ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kún ìpìlẹ̀ tí wọ́n sì ti gún yẹ̀pẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó tẹ́ náílọ́ọ̀nù, ni ìgbà rẹ̀. Kí ilẹ̀ ní ọ̀rinrin díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má tutù rinrin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oògùn náà yóò ṣàn lọ. Bí òjò bá ń ṣú, ẹ sún un síwájú. Ẹ bo ilẹ̀ náà ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n sì da kọnkéré lé e ní kíá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbẹ́ ilẹ̀ náà lẹ́yìn èyí, ó ti já ìdènà náà nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ omi ló sábà máa ń fa èyí, torí náà kí wọ́n ti gbé páìpù wọn sílẹ̀ kí a tó fọ́n oògùn, kí a sì da oògùn dáadáa yí ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan ká, torí pé ikán fẹ́ràn láti tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ẹni tó ń fọ́n ọn gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, bàtà gígùn àti ìbomú. Bí kànga bá wà nítòsí, ẹ má da oògùn sí ilẹ̀ tó yí i ká. Oògùn yìí burú fún ẹja, omi mímu yín sì ni kànga. Ní ibi bẹ́ẹ̀, ìdènà tí kò lo oògùn, tí mo máa ṣàlàyé níwájú, ni kí ẹ gbára lé.

Lẹ́yìn tí ilé bá parí, tí wọ́n kò sì ní gbẹ́ ilẹ̀ ìta mọ́, ẹ gbẹ́ kòtò tóóró yí ògiri ká, kó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Lítà 5 ni fún mítà kọ̀ọ̀kan. Àyíká ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí jẹ́ mítà 44, nítorí náà lítà 220 ni. Ẹ da ìlàjì rẹ̀ sínú kòtò, kí ẹ sì fi ìyókù pò mọ́ yẹ̀pẹ̀ bí ẹ ṣe ń dá a padà.

Oògùn kì í wà títí láé. Bí ọdún ti ń lọ ni agbára rẹ̀ ń dín, ìyẹn ló mú kí a tún nílò ìdènà tí kì í gbó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ikán kéré ju aláǹgbá lọ púpọ̀, sísán tóóró gan-an ti tó o. Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò ni búlọ́ọ̀kù. Ihò inú rẹ̀ jẹ́ títì tó ṣókùnkùn láti inú ilẹ̀ dé orí ògiri. Ẹ fi kọnkéré dí ihò àwọn búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ pátápátá. Ibi kejì ni ilẹ̀ kọnkéré tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì fúlọ̀. Ẹ má jẹ́ kó mọ sí àárín ògiri nìkan. Kó gun orí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ já síta, kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, torí kọnkéré tó bá yára gbẹ máa ń sán.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìta gbangba tí mo sọ wà. Etí ilẹ̀ kọnkéré yìí gbọ́dọ̀ hàn síta, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 7 àti àbọ̀, yípo ilé. Kọnkéré kò lè dá ikán dúró títí, àmọ́ ó máa ń mú kó yí gba etí náà, ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ á sì hàn. Bí ẹ bá wá gbin òdòdó sí ìdí ògiri, tàbí tí ẹ tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kù tó ga bo etí náà, ẹ ti fún un ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Ilẹ̀ ìta kò gbọdọ̀ ga dé ibẹ̀.

Igi ló kù. Àárín ìrókò, àpá, ẹ̀kì àti tíìkì le fún ikán láti jẹ. Àrèrè, àràbà àti àfàrà rọ̀ fún un gan-an. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: agbára ìrókò wà ní àárín igi tó pọ́n rúsúrúsú, kò sí ní ẹ̀gbẹ́ tó funfun lábẹ́ èèpo. Pákó tó ní funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ikán máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láti ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìrókò ni wọ́n fi tà á fún yín. Igi tó rọ̀ nílò oògùn tó wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi agbára ẹ̀rọ tẹ̀ sínú igi ló dára jù, rírẹ ẹ́ sínú oògùn ló tẹ̀ lé e. Kíkùn lásán kì í wọlé ju ojú igi lọ, nítorí náà ibikíbi tí káfíńtà bá gé lẹ́yìn náà, ẹ tún un kùn. Kọndẹ́mù ọ́ìlì kò ṣe iṣẹ́ yìí. Ojú lásán ló máa ń wà, ó sì máa ń mú kí iná tètè ran igi.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ri ẹsẹ̀ férémù ilẹ̀kùn bọ inú ilẹ̀ kọnkéré. Ibi tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ikán lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé láì tíì rí oòrùn rí. Kí ó dúró lórí kọnkéré, kó má wọ inú rẹ̀.

Ní ìgbà méjì lọ́dún, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ yí ilé ká wo etí kọnkéré náà. Ẹ kan férémù gbọ̀ngbọ̀n. Bí ó bá dún bí igbá òfìfo, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀sunsun, ikán oníyẹ̀ẹ́, bá ń jáde láti inú ilé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tàbí tí ìyẹ́ wọn kún ojú wíńdò, ilé wọn wà lábẹ́ tiyín. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀, ẹ má tíì gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ fọ́ ìwọ̀n ìka kan ní àárín rẹ̀, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí amọ̀ tútù bá ti dí i padà, wọ́n ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ sì ti mọ ibi tó yẹ kí oògùn kàn.