Bẹ́tà àti Èrè Tí Ṣíà Gbọ́dọ̀ Mú Wá

Ìbéèrè kan wà tó máa ń kó àwọn tó ń kọ́ ìṣirò owó sí wàhálà nínú ìdánwò. Ṣíà méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ńtì, èkejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń wá góòlù nínú ilẹ̀. Èrè ṣíà góòlù máa ń fò sókè, ó sì máa ń já wálẹ̀ ju ti sìmẹ́ńtì lọ. Lórí èwo ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ṣíà ti béèrè èrè tó pọ̀ jù? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á ní góòlù ni, torí òun ló léwu jù. Ìdáhùn yìí lè ṣì pátápátá, ẹni tó bá sì mọ ìdí tó fi ṣì ti di gbòǹgbò Kápẹ́ẹ̀mù mú.

Ní ọdún 1952, Harry Markowitz fi ìṣirò hàn pé kì í ṣe ewu ṣíà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí olówó máa wò, bí kò ṣe bí gbogbo ṣíà tó kó jọ ṣe ń bá ara wọn rìn. William Sharpe gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1964. John Lintner àti Jan Mossin dé ibi kan náà láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, Jack Treynor sì ti kọ tirẹ̀ ṣáájú wọn láìtẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí: bí gbogbo olówó bá ti pín owó wọn sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣíà, ewu wo ló kù tí ọjà yóò san owó fún wọn nítorí rẹ̀?

Ẹ wo àgbẹ̀ tó gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kòkòrò lè jẹ àgbàdo rẹ̀ run, kí iṣu àti ẹ̀gẹ́ sì gbà á là. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dá bá dá, gbogbo oko ni yóò rọ. Irú ewu méjèèjì ló wà nínú ṣíà. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan lè jóná, ọ̀gá àgbà rẹ̀ lè fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ lè dá a lẹ́bi. Wàhálà ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ni, ẹni tó ní ogún ṣíà mìíràn kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí Báńkì Àpapọ̀ bá gbé èlé sókè, ṣàṣà ni ṣíà tí kò ní mì. Ewu àkọ́kọ́ ṣeé pín títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì náni ní nǹkan kan tó ṣe pàtàkì. Nítorí náà ọjà kì í san kọ́bọ̀ fún ẹni tó kọ̀ láti pín in. Ewu kejì, èyí tí kò sí ibi téèyàn lè sá sí fún un láàárín ọjà, ni ọjà ń sanwó fún. Bẹ́tà ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Bẹ́tà ń sọ bí ṣíà kan ṣe máa ń mì tó nígbà tí ọjà lápapọ̀ bá mì. Ní Èkó, ohun tí wọ́n fi ń dúró fún ọjà lápapọ̀ ni òǹkà gbogbo ṣíà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984. Bẹ́tà ọjà fúnra rẹ̀ jẹ́ 1. Bí bẹ́tà ṣíà kan bá jẹ́ 1.5, tí ọjà sì gòkè ní 10%, a ó máa retí kí ṣíà náà gòkè ní bíi 15%. Bí ọjà bá sọ̀ ní 10%, kó sọ̀ ní bíi 15%. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

β = ρ × σi ÷ σm

σi ni bí èrè ṣíà náà ṣe ń yẹ̀ kúrò ní àárín rẹ̀ sókè sódò, tí àwọn oníṣirò ń pè ní sítáńdáàdì dẹfiéṣàn. σm ni ti ọjà. ρ ni ìwọ̀n bí ṣíà àti ọjà ṣe ń rìn pọ̀: bó bá jẹ́ 1, ìrìn wọn kò yàtọ̀ rárá, bó bá jẹ́ 0, ìrìn ọ̀kan kò bá ti èkejì tan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ṣíà wa méjèèjì. Ká ní σm ọjà jẹ́ 16%. Ti sìmẹ́ńtì jẹ́ 40%, ρ rẹ̀ pẹ̀lú ọjà sì jẹ́ 0.6, nítorí pé ìgbà tí owó bá wà nílùú ni àwọn èèyàn ń kọ́lé. Bẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 0.6 × 40 ÷ 16, ìyẹn 1.5. Ti góòlù jẹ́ 50%, ó ga ju ti sìmẹ́ńtì lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rí góòlù nínú ilẹ̀ tàbí kí wọ́n má rí i, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọjà, nítorí náà ρ rẹ̀ jẹ́ 0.2 péré. Bẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 0.2 × 50 ÷ 16, ìyẹn 0.625. Ṣíà tó ń jà ràn-ìn jù lọ ló ní bẹ́tà tó kéré jù, torí pé èyí tó pọ̀ nínú ìjà rẹ̀ jẹ́ ti ara rẹ̀ nìkan.

Láti inú bẹ́tà la ti ń rí èrè tí olówó gbọ́dọ̀ béèrè:

E(Ri) = Rf + β × (Rm − Rf)

Rf ni èrè tí kò léwu, èyí tí wọ́n sábà máa ń mú láti ara tírẹ́ṣúrì bíìlì ìjọba. Rm ni èrè tí a ń retí lórí ọjà lápapọ̀. Iye tó wà nínú àmì àkámọ́ ni àfikún tí ọjà ń san fún ẹni tó kúrò lábẹ́ ààbò ìjọba tó wá ra ṣíà. Ká ní Rf jẹ́ 12%, Rm sì jẹ́ 20%. Àfikún ọjà jẹ́ 8%. Èrè tí sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ mú wá jẹ́ 12 + 1.5 × 8, ìyẹn 24%. Ti góòlù jẹ́ 12 + 0.625 × 8, ìyẹn 17%.

Ibí yìí ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè lè sọ pé èrè ọjà jẹ́ 20%, ó sì lè sọ pé àfikún ewu ọjà jẹ́ 8%. Bí ìbéèrè bá fún yín ní èrè ọjà, ẹ yọ Rf kúrò lára rẹ̀. Bó bá fún yín ní àfikún, wọ́n ti yọ ọ́, ẹ má ṣe yọ ọ́ mọ́. Ẹni tó gbàgbé láti yọ ọ́ nínú àpẹẹrẹ wa yóò kọ 12 + 1.5 × 20, yóò sì rí 42%. Ẹni tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì yóò kọ 12 + 1.5 × (8 − 12), yóò rí 6%, èyí tó kéré sí èrè tírẹ́ṣúrì bíìlì. Ọ̀nà kan wà láti tètè mọ̀: bí bẹ́tà bá ju 1 lọ, ìdáhùn gbọ́dọ̀ ju èrè ọjà lọ, bí bẹ́tà bá wà láàárín 0 sí 1, ìdáhùn gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín Rf àti èrè ọjà. 24% ju 20% lọ, 17% sì wà láàárín 12% àti 20%. A wà lójú ọ̀nà.

Rf náà ní ìdẹkùn tirẹ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n máa ń yọ èlé tírẹ́ṣúrì bíìlì ṣáájú ni. Bí wọ́n bá ní ti ọlọ́jọ́ 364 jẹ́ 15%, ẹni tó rà á san bíi ₦85 fún ₦100 tí yóò gbà. Èrè ₦15 lórí ₦85 sún mọ́ 17.6%, òun ló sì yẹ kó wọ inú ìṣirò. Bí ìdánwò bá ti fún yín ní Rf tààrà, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀: ṣé ká ra ṣíà náà? Sìmẹ́ńtì ń lọ ní ₦50 lónìí. A retí pé yóò san dífídẹ́ńdì ₦4 láàárín ọdún, iye rẹ̀ yóò sì di ₦56 nígbà tí ọdún bá parí. Èrè jẹ́ ₦10 lórí ₦50, ìyẹn 20%. Góòlù ń lọ ní ₦20, kì í san dífídẹ́ńdì, a sì retí pé yóò di ₦24. Èrè rẹ̀ náà jẹ́ 20%. Èrè tí a retí lórí méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì yẹ kó mú 24% wá, kò tó o. Góòlù yẹ kó mú 17% wá, ó lé. Sìmẹ́ńtì ti wọ́n jù, góòlù pọ́ọ́kú. Ẹ pín ₦60 tí sìmẹ́ńtì yóò fi lé wa lọ́wọ́ pẹ̀lú 1.24, ẹ ó rí bíi ₦48.39, iye tó yẹ kéèyàn rà á. Ti góòlù jẹ́ ₦24 ÷ 1.17, bíi ₦20.51.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ ya ìlà náà, bẹ́tà máa ń wà nísàlẹ̀, èrè ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ṣíà tó wà lókè ìlà ló wọ́n jù, torí pé òkè ló wà. Èrè ló ga lókè ìlà, kì í ṣe iye owó. Góòlù wà lókè ìlà, ó pọ́ọ́kú. Bí àwọn èèyàn bá ṣe ń rà á, owó rẹ̀ á gbówó lórí, èrè tó kù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan ìlà.

Èmi gbà pé ìlànà yìí dára fún kíkọ́ ọmọ èèyàn bí a ṣe ń ronú nípa ewu, ṣùgbọ́n kò yẹ ká gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1992, Eugene Fama àti Kenneth French wo ṣíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1963 dé 1990, wọ́n sì rí i pé bẹ́tà nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí èrè ṣíà kan fi ju ti òmíràn lọ. Bí ilé iṣẹ́ ṣe tóbi tó, àti bí owó tó wà nínú ìwé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó sí iye tí ọjà ń san fún un, ṣàlàyé jù ú lọ.

Ní Èkó, àbùkù mìíràn wà tó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ṣíà kì í rí ẹni rà á lójoojúmọ́. Bí ọjà bá já wálẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí kò sì sí ẹni tó ra ṣíà kan títí di Ọjọ́bọ̀, iye àná ni yóò ṣì wà lójú ìwé. Ìṣirò á rí i bíi pé ṣíà náà kò mì nígbà tí ọjà mì: ρ á kéré, bẹ́tà á kéré, èrè tí a béèrè á sì kéré ju ohun tó yẹ lọ. Ilé iṣẹ́ tó bá gbé iṣẹ́ tuntun lé irú bẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè gba iṣẹ́ tí kò lè bo ewu rẹ̀. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ tí iye ṣíà náà kò yí padà rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò bẹ́tà pẹ̀lú èrè ojoojúmọ́, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú èrè oṣooṣù. Bí ti oṣooṣù bá ga ju ti ojoojúmọ́ lọ gan-an, iye owó tó ti sùn ló ń tan ìṣirò jẹ, ti oṣooṣù sì ni kí ẹ fi ọkàn tẹ̀ jù.