Kakulétọ̀ Kò Mọ Ohun Tí Tẹmómítà Rí

Bí ẹ bá fi kakulétọ̀ ṣírò ooru tí omi gbà nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, ó lè kọ 2144.36805 síwájú yín. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n nínú fígọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn, méjì àkọ́kọ́ nìkan la lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ẹ̀rọ náà kò parọ́. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ fún un ló lò, kò sì mọ̀ pé tẹmómítà wa kò lè rí ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì lọ.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti wá nìyí. A ju irin gbígbóná sínú omi tó wà nínú ife bàbà. Omi náà jẹ́ gíráàmù 149.7, ife náà sì jẹ́ gíráàmù 62.5. Kí irin tó wọlé, tẹmómítà ka dígírì 28.4, nígbà tó yá, ó ka 31.7. Kí gíráàmù omi kan tó fi dígírì kan gbóná sí i, ó máa gba júùlù 4.18; ti bàbà jẹ́ 0.385. Àpapọ̀ ooru tí omi àti ife gbà ni:

(149.7 × 4.18 × 3.3) + (62.5 × 0.385 × 3.3)

Ẹ wo 3.3 yẹn dáadáa, torí òun ló máa dá ẹjọ́ yìí. Fígọ̀ mẹ́ta tó nítumọ̀ ló wà nínú 28.4, mẹ́ta ló wà nínú 31.7, àmọ́ nígbà tí a yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, méjì ló kù. Nínú àròpọ̀ àti àyọkúrò, a kì í ka iye fígọ̀ rárá. Ibi tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan parí sí la ń wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dúró ni gbogbo wọn máa bá dúró. Níbí, méjèèjì parí sí fígọ̀ kan lẹ́yìn pọ́ìntì. Tó bá wá di ìsọdipúpọ̀ tàbí pínpín, iye fígọ̀ la ń kà, èyí tí tirẹ̀ kéré jù ló sì ń borí. Òdo tó ṣíwájú kò sí nínú kíkà, nítorí náà mẹ́ta ni ti 0.385.

Apá àkọ́kọ́ fún wa ní 2064.9618. Torí 3.3, fígọ̀ méjì péré ló dúró níbẹ̀: 2 àti 0, ìyẹn ni pé ipò ọgọ́rùn-ún ló parí sí. Apá kejì jẹ́ 79.40625, fígọ̀ méjì náà ló dúró, ṣùgbọ́n ipò ẹyọ ni tirẹ̀ parí sí. Ẹ má tíì gé ọ̀kankan. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ fígọ̀ tó dúró kẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ro wọ́n pọ̀. Òfin àròpọ̀ ló kàn báyìí, ipò ọgọ́rùn-ún sì ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ parí sí: 2.1 × 10³ júùlù. Bí a bá kọ 2100, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá a wọn òdo méjì ẹ̀yìn yẹn ni tàbí a kàn fi dí àyè.

Ẹni tó bá kánjú gé e máa rí nǹkan mìíràn. Ó máa sọ 2064.9618 di 2100, ó máa sọ 79.40625 di 79, ó máa rò wọ́n pọ̀ sí 2179, yóò sì kọ 2.2 × 10³. Kò sí ìwọ̀n kan tó yí padà. Gígé láàárín ọ̀nà ló dá a sílẹ̀.

Kakulétọ̀ fúnra rẹ̀ kì í gé nǹkan láàárín ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Casio fx-991MS ń fi fígọ̀ mẹ́wàá han ojú, ṣùgbọ́n ó ń lo ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú. Bí ẹ bá ní kó fi fígọ̀ méjì hàn lẹ́yìn pọ́ìntì nípa Fix, 10 ÷ 3 máa hàn bíi 3.33. Ẹ wá sọ Ans di ìlọ́po mẹ́ta, 10.00 lẹ máa rí, nítorí ojú rẹ̀ nìkan ni Fix yí padà. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ Rnd kí ẹ tó sọ ọ́ di ìlọ́po, 9.99 ló máa jáde. Ẹni tó ń da ohun tó rí lójú ẹ̀rọ kọ sínú ìwé, tó tún wá ń tẹ̀ ẹ́ padà, ohun tí Rnd ń ṣe ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ lo Ans tàbí M+.

Òfin fígọ̀ yìí náà ní ibi tó mọ. Bí tẹmómítà bá lè ṣi ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì nígbà méjèèjì tí a kà á, ìyàtọ̀ 3.3 lè fi nǹkan bí 0.14 ṣìnà, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú júùlù, ó tó bí àádọ́rùn-ún. Nítorí náà fígọ̀ 1 inú 2.1 gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè tẹ kakulétọ̀ tó máa tún un ṣe. Ẹ mú irin tó wúwo tàbí tó gbóná sí i, kí omi lè fi ju dígírì mẹ́wàá lọ gbóná, kí ẹ sì bo ife náà kí ooru má bàa sá jáde. Ìyàtọ̀ náà máa ní fígọ̀ mẹ́ta nígbà náà, ìdáhùn pẹ̀lú á sì ní mẹ́ta.