Èlé 5% tí kì í ṣe 5%: bó ṣe yẹ kí ayánilówó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀

Àwa la to àtẹ̀jíṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí jọ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì lórí fóònù àwọn oníṣòwò Ṣómólú àti Bàrígà:

"A ti fọwọ́ sí ẹ̀yáwó yín, ₦120,000. Èlé 5% lóṣù, oṣù 3, sísan ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó ìṣètò 2%, adójútòfò 1%. Ẹni tó bá pẹ́ san yóò san 1% lójúmọ́ lórí gbèsè. Ẹ fèsì BẸ́Ẹ̀NI."

Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá kà á tó sì fèsì kò tíì mọ iye tó máa wọ àpò rẹ̀, kò mọ ọjọ́ tí gbèsè máa tán, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó ń dúró dè é bó bá pẹ́ san. Ká sọ pé atẹ̀wé kan ní ọ̀nà Bajulaiye ló gbà á, tó fẹ́ fi ra bébà fún kàlẹ́ńdà ọdún tuntun. Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá 2025 lowó náà jáde. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò.

Owó ìṣètò 2% jẹ́ ₦2,400, adójútòfò 1% jẹ́ ₦1,200. Wọ́n ti yọ méjèèjì kí owó tó jáde, nítorí náà ₦116,400 ni báńkì máa sọ fún un pé ó wọlé. Orí ₦120,000 ni wọ́n sì ti ṣírò èlé. 5% rẹ̀ jẹ́ ₦6,000 lóṣù, ìyẹn ₦18,000 fún oṣù mẹ́ta. Àpapọ̀ gbèsè di ₦138,000. Tí wọ́n bá pín in sí ọ̀sẹ̀ méjìlá, ₦11,500 ló kan ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ₦10,000 nínú owó tó yá, àti ₦1,500 èlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wà nínú ₦1,500 yẹn, torí kì í dín. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ₦120,000 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, ó san ₦1,500 lórí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ₦10,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó olówó, ₦1,500 kan náà ló tún san. Èlé 15% nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo! Àwọn tó ń yáni lówó mọ̀ pé èlé tó dúró sójú kan báyìí yàtọ̀ sí èyí tó ń bá gbèsè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń yáwó ni wọn kì í sábà sọ ọ́ fún. Bí a bá fi owó tó wà lọ́wọ́ atẹ̀wé wa gan-an lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣírò rẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ₦116,400 tó gbà, èlé náà á lé díẹ̀ ní 2.7% lọ́sẹ̀. Ìyẹn súnmọ́ 12% lóṣù. 5% ni wọ́n kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́.

Ọdún 1968 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé kí ayánilówó kó èlé àti owó ìdí ẹ̀yáwó pọ̀, kó sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kí oníbàárà lè fi ayánilówó kan wé èkejì. Ó wúlò fún ẹ̀yáwó ilé tàbí ti ọkọ̀. Ní tèmi, fún owó ọ̀sẹ̀ méjìlá, náírà ló yẹ kó ṣáájú. Bí ẹ bá sọ fún atẹ̀wé náà pé èlé rẹ̀ lé ní 140% lọ́dún, ẹ̀rù á bà á, àmọ́ kò ní mọ ohun tó máa fi ìmọ̀ náà ṣe. Ẹ sọ fún un pé ₦21,600 ni yíyá owó náà máa ná an, á fi í wé èrè tó ń retí lórí kàlẹ́ńdà lójú ẹsẹ̀. Bí ayánilówó mìíràn bá tún fẹ́ yá a ní iye kan náà fún ìgbà kan náà, òǹkà kan yẹn náà ló máa fi mọ èyí tó sàn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn. "Sísan ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀" kò sọ ọjọ́ kankan. Bí owó bá jáde ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni sísan á máa bọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ láti 16 Oṣù Kẹwàá. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjìlá látibẹ̀: ìkọkànlá bọ́ sí ọjọ́ Kérésìmesì, ìkejìlá bọ́ sí ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026. Ọ́fíìsì ò ní ṣí, ẹni tó ń gba owó kiri ò ní wá, kọ̀ǹpútà tó ń ka ìtanràn ò sì mọ ọdún. Yàtọ̀ sí èyí, àwa Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọjọ́ tí a bá ń kà, ìdí nìyẹn tí ìtàdógún fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún gan-an. Bí ayánilówó bá kọ ọ́ pé "a fún yín ní ọjọ́ mẹ́ta sí i", ẹnì kan á ka òní mọ́ ọn, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Orúkọ ọjọ́ àti déètì gan-an ló ń parí irú àríyànjiyàn yẹn. Kí wọ́n sì sọ aago pẹ̀lú, torí owó tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́ lè má dé ibi tó ń lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìtanràn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. "1% lójúmọ́ lórí gbèsè." Gbèsè wo? Ká ní atẹ̀wé wa san ọ̀sẹ̀ márùn-ún pé, tó wá pàdánù ìkẹfà, ti 20 Oṣù Kọkànlá, torí oníbàárà rẹ̀ kò tíì sanwó iṣẹ́. Bó bá jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ tó pẹ́ yẹn ni "gbèsè", 1% ₦11,500 jẹ́ ₦115 lójúmọ́. Bó bá jẹ́ gbogbo ohun tó kù ni, ₦80,500 ló kù, ìtanràn á sì jẹ́ ₦805 lójúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ di ₦1,150, ìkejì di ₦8,050. Gbólóhùn kan náà ló bí méjèèjì. Ẹ ò sì rí i níbẹ̀ pé ìtanràn máa dúró níbì kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Oṣù Kínní 2015, ẹni tó ń yáni ní owó kékeré olówó gọbọi kò gbọdọ̀ gba ju pọ́n-ùn 15 lọ lápapọ̀ lórí pé ẹnì kan pẹ́ san, èlé àti gbogbo owó tó rọ̀ mọ́ ọn kò sì gbọdọ̀ ju iye tí onítọ̀hún yá lọ. Yorùbá tó ń gbé ní Pẹ́kàmù mọ ibi tí ìyà ẹ̀yáwó irú èyí máa ń dópin. Ó yẹ kí ẹni tó wà ní Ìlàjẹ Bàrígà náà mọ̀ ọ́n, ó kéré tán látinú ìwé tí òun fọwọ́ sí.

Òfin ti wà nílẹ̀ níbí náà. Òfin ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí ohun tí wọ́n bá kọ fún oníbàárà jẹ́ èdè tó yé ènìyàn. Ní Oṣù Keje 2025, àjọ FCCPC tún gbé ìlànà jáde fún àwọn tó ń yáni lówó lórí ẹ̀rọ, ìtanràn ẹni tó bá rú u sì lè tó ₦100 mílíọ̀nù tàbí 1% owó tó wọlé fún un lọ́dún. Ṣùgbọ́n àjọ kankan ò ní bá ayánilówó kékeré jókòó kọ gbólóhùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ ọ́, báyìí:

"Owó tó máa wọlé fún yín lónìí, Ọjọ́bọ̀ 9 Oṣù Kẹwàá 2025: ₦116,400. (A ti yọ ₦3,600 nínú ₦120,000 fún owó ìṣètò àti adójútòfò.)

Ẹ máa san ₦11,500 ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejìlá, kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àkọ́kọ́: 16 Oṣù Kẹwàá. Nítorí ọdún, ti 25 Oṣù Kejìlá di Ọjọ́ Ajé 29. Ti 1 Oṣù Kínní di Ọjọ́ Ẹtì 2 Oṣù Kínní 2026. Ibẹ̀ ló parí sí.

Gbogbo ohun tí ẹ máa san: ₦138,000. Iye tí yíyá a ná yín: ₦21,600.

Bí owó ọ̀sẹ̀ kan bá pẹ́, a ó fi ₦115 kún un lójúmọ́, láti àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò ní ju ₦1,610 lọ lórí owó ọ̀sẹ̀ kan. A kì í gba èlé lórí ìtanràn."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìṣòro kan sì wà nínú gígùn yẹn. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160, bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àwọn tí ẹ̀rọ tẹlifóònù ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí lára wọn. Àmì náírà pàápàá kò sí. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ti wọlé, ojú ewé náà á já sí lẹ́tà 70, ayánilówó á sì máa san owó ojú ewé lórí ojú ewé. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, tí wọ́n sì ń pa àmì tì. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí odindi ọ̀rọ̀ náà wà lórí WhatsApp tàbí lórí káàdì, Ṣómólú sì ni ẹni tó ń wá káàdì títẹ̀ máa kọ́kọ́ gbà lọ. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kàn rán ènìyàn létí iye àti ọjọ́, pẹ̀lú N lásán dípò àmì náírà. Bó bá sì jẹ́ pé oníbàárà ti ní kí wọ́n má fi ìpolówó ránṣẹ́ sí òun, ìránnilétí náà lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Kò yẹ kí ìtanràn rọ̀ mọ́ ohun tí kò dé.

Kí ayánilówó tó máa fi ọ̀rọ̀ tuntun yìí ránṣẹ́, kó fún ẹni tí kì í ṣòṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ kà: ẹlẹ́ja kan ní ọjà Bàrígà, ọmọṣẹ́ kan ní ilé ìtẹ̀wé. Kó má bi í pé ṣé ó yé e, torí bẹ́ẹ̀ni ló máa dáhùn. Kó bi í pé èló ló máa wọlé, ọjọ́ wo ló máa san èyí tó kẹ́yìn, àti pé bí ti Ọjọ́bọ̀ bá di Ọjọ́ Àìkú, èló ló máa san lápapọ̀. ₦11,845 ni ìdáhùn tó kẹ́yìn. Bí ẹni mẹ́ta nínú márùn-ún bá ṣì í, gbólóhùn ìtanràn ni kí wọ́n tún kọ.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀rọ̀ tuntun náà kò dáhùn, ó sì kan atẹ̀wé kàlẹ́ńdà ju ẹnikẹ́ni lọ. Owó rẹ̀ kì í wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí ilé-ìwé kan lè kó gbogbo owó iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ká ní lẹ́yìn tó san ìkẹfà ní 20 Oṣù Kọkànlá, ó fẹ́ san gbogbo èyí tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ₦60,000 tó kù nínú owó olówó ló máa san, àbí ₦69,000, pẹ̀lú èlé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò tíì pé? Ayánilówó kan lè sọ pé òun kò ní dá ₦9,000 yẹn sílẹ̀, ìyẹn kù sí ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kí onítọ̀hún tó fèsì: "Bí ẹ bá san án tán ṣáájú ọjọ́, èlé ọ̀sẹ̀ tó kù kò sí mọ́," tàbí "Bí ẹ bá tilẹ̀ san án tán ṣáájú ọjọ́, ₦138,000 náà ni."