Ta Ni Onílé Gbólóhùn? Títún Eré Àmúlùmálà Ṣe fún Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù

Yorùbá tó ń gbé Peckham kì í sọ èdè kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n á fi Yorùbá kí ara wọn nínú ọjà, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì ná ẹran, inú á bí wọn, wọ́n á tún padà sí Yorùbá kí wọ́n tó gba ṣéńjì. Àmúlùmálà là ń pè é, ó sì ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ èdè wa ti ń bá a jà. Ìjà yẹn kọ́ ni mo bá wá. Ohun tó kàn mí ni pé ọ̀rọ̀ tó ń jáde wẹ́rẹ́ lẹ́nu wọn máa ń di gbágungbàgun bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sílẹ̀ kí òṣèré wá kà á.

Ẹ jẹ́ ká mú eré ìṣẹ́jú méjì kan, irú èyí tí wọ́n lè gbé sórí rédíò àdúgbò tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, láti fi sọ fún àwọn àgbàlagbà wa ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Màmá Tóbi ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún, Ìbàdàn ló ti dàgbà kó tó wá sílùú ọba. Tóbi ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Èmi ni mo hun àwọn méjèèjì fún àlàyé yìí, àṣìṣe ẹnu wọn ni mo sì ń rí nínú ìwé eré gidi. Mo fi lẹ́tà Yorùbá kọ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ bó ṣe ń dún:

Tóbi: Mọ́mì, díìdì yú rí dì lẹ́tà yẹn tó kéémù látọ̀dọ̀ jíípìì rẹ?
Màmá: Bẹ́ẹ̀ ni. Ó jẹ́ ìmpọ́táǹtì fún mi láti ṣe ìforúkọsílẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú oníṣègùn. Wọ́n ní kí n wá ní òní ọjọ́ mẹ́jọ.
Tóbi: O gbọ́dọ̀ góò. Tí bíìpí rẹ bá jẹ́ haì, ó jẹ́ déńjárọ́ọ̀sì.

Kò sí ọmọ Yorùbá kankan ní Peckham tó ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé kí òun kàn máa wọ́n Gẹ̀ẹ́sì síbí wọ́n Yorùbá sọ́hùn-ún ni àmúlùmálà. Àmọ́ àmúlùmálà ní òfin. Carol Myers-Scotton, onímọ̀ èdè tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ bí àwọn ará Nairobi ṣe ń po Swahili mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1993: nínú gbólóhùn olómìí-méjì, èdè kan ló máa ń jẹ gàba lórí ìtò gbólóhùn náà. Lójú tèmi, bí onílé àti àlejò ló rí. Onílé ló ń pèsè àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké tó gbé gbólóhùn ró. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni onílé, àwọn ni ṣé, ti, ń, máa, kò, àwọn, yẹn, náà. Àlejò lè gbé orúkọ nǹkan àti ọ̀rọ̀-ìṣe wọlé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbé irú àwọn wúnrẹ̀n tiẹ̀ wá.

Ẹ wá wo gbólóhùn Tóbi àkọ́kọ́. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè, ó fi Yorùbá rí i. Lẹ́tà kan ṣoṣo, ó fi “dì” ṣáájú rẹ̀, ó tún fi “yẹn” tẹ̀ lé e. Ó sọ pé “kéémù”, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà nítorí pé nǹkan náà ti kọjá, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí àsìkò. Nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì bá wọlé wa, ìhòòhò ló ń wọlé, àwa la ó wọṣọ fún un: mo ti aplái, wọ́n ti káńsù ẹ̀, ó ń dísítọ́ọ̀bù mi. Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá náà ni “ẹ̀” àti “mi” tó tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá kọ “wọ́n ti káńsù ítì” fún òṣèré, òṣèré yẹn á dúró díẹ̀ kó tó pè é, ìdúró yẹn sì ni ẹ̀rí pé gbólóhùn náà kò ní onílé.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí “ó jẹ́ ìmpọ́táǹtì” àti “bíìpí rẹ bá jẹ́ haì”. Nígbà tá a bá ń sọ pé nǹkan ga tàbí pé ó dára, a kì í fi “jẹ́” sí i. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì irú yẹn bá dé, ó máa ń ṣe bíi “ga” àti “dára”: ó ìmpọ́táǹtì gan-an, bíìpí mi haì. Ó lè dà bí àṣìṣe lójú ẹni tó fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wò ó, síbẹ̀ Yorùbá pọ́nńbélé ni ìtò rẹ̀.

Màmá ní tirẹ̀ ní ìṣòro tó yàtọ̀. “Ìforúkọsílẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú oníṣègùn” mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú ẹni tó dàgbà n’Íbàdàn, oníṣègùn ni ẹni tó ń já ewé tó ń wa egbò, dọ́kítà ló wà ní ọsibítù. Obìnrin yìí á sọ pé òun fẹ́ búùkù àpọ́íńtímẹ́ǹtì, torí pé orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi tó ti máa ṣe é nìyẹn. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé ohun tí olùgbọ́ máa bá pàdé lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni kí n jẹ́ kó jẹ́. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ bó bá di 140/90 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ wọn. Bí mo bá fi “ogóje lórí àádọ́rùn-ún” sẹ́nu Màmá, Yorùbá rẹ̀ dùn, àmọ́ kò ní ran ẹni tó máa gbọ́ “wán-fọ́tì ófà náíńtì” ní kílíníìkì lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ fídíò, mo máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn hàn lójú sìkírìnì nígbà tí wọ́n bá ń pè é.

Èyí tó burú jù nínú ìwé yẹn ni “rẹ” àti “o” tí Tóbi ń sọ sí ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ ọ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n á máa jíròrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ló ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí òbí wọn ń sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Mo fura pé “yú” wà lára ohun tó ń fà á, nítorí kò ní kí wọ́n yan “o” tàbí “ẹ”. Ìwé eré lè lo ìyẹn. Jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ onílé lẹ́nu Tóbi, kí Yorùbá sì jẹ́ onílé lẹ́nu ìyá rẹ̀. Nígbà tí Tóbi bá sì bọ́ sí Yorùbá, kó jẹ́ odindi gbólóhùn, kó sì jẹ́ “ẹ”. Ìdánwò rẹ̀ kò le: fi ìka sí ibi tí èdè ti yí padà, kí o wò ó bóyá ohun tó kù lápá ọ̀tún lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó pé. Bí kò bá lè dá dúró, sún ibi ìyípadà náà.

Bó ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe nìyí:

Tóbi: Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí lẹ́tà yẹn? Ítì kéémù fìrọ̀mù dì jíípìì.
Màmá: Mo ti rí i. Wọ́n fẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì bíìpí mi. Mo ti búùkù àpọ́íńtímẹ́ǹtì, Tọ́sìdeè ni.
Tóbi: Tọ́sìdeè dì twẹ́lífù? Wọ́ọ̀tì táìmù?
Màmá: Ọjọ́ kejìlá, bẹ́ẹ̀ ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀. Ṣùgbọ́n ara mi le o, kò síbi tó ń dùn mí.
Tóbi: Dátì ìsì dì pọ́rọ́bílẹ́ẹ̀mù. Bíìpí yín lè haì, kí nǹkan kan má dùn yín.
Màmá: Kó tó wá di rọpárọsẹ̀.
Tóbi: Sítróòkù, yẹ́ẹ̀sì. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Ọjọ́ àti ìdí tó fi yẹ kí wọ́n lọ nìkan ni mo jẹ́ kí wọ́n sọ lédè méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìwé eré ló ń sọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, Gẹ̀ẹ́sì kí Yorùbá tó tẹ̀ lé e, títí olùgbọ́ á fi kọtí ikún sí ìdajì rẹ̀. Níhìn-ín, ẹnì kan bèèrè, ẹnì kejì dáhùn, ìdáhùn yẹn ló sì tú u. Àgbàlagbà gbọ́ rọpárọsẹ̀, ọ̀dọ́ gbọ́ sítróòkù, kò sí ẹni tó dúró ṣe ògbufọ̀.

“Òní ọjọ́ mẹ́jọ” ni mo yọ kúrò pátápátá. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Bí òní bá jẹ́ Tọ́sìdeè, òní ọjọ́ mẹ́jọ ni Tọ́sìdeè mìíràn. Ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó kọ́ ìṣirò nílé ìwé Lọ́ńdọ̀nù á ka mẹ́jọ láti ọ̀la, á sì gbé ìyá rẹ̀ lọ ní Fúráìdeè. Aṣìṣe yìí kì í hàn nígbà tí òṣèré bá ń kà á, nítorí kò sí ẹni tó kọsẹ̀ lórí rẹ̀. Olùgbọ́ nìkan ló lè fi hàn ọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá olùgbọ́ méjì, ẹni tó ti dàgbà kó tó débẹ̀ àti ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, kí wọ́n má jókòó pọ̀. Wọ́n á gbọ́ eré náà lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò ní bi wọ́n bóyá ó dùn, torí wọ́n á ní ó dùn. Mo máa ní kí wọ́n sọ fún mi kí ni Màmá Tóbi fẹ́ lọ ṣe, níbo, àti nígbà wo. Bí ìdáhùn àwọn méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ìlà tó fà á ni màá padà sí.

Ìwé òṣèré fúnra rẹ̀ ní ti iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, kódà lẹ́nu Màmá, nítorí bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe ń dún, òṣèré á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n ìyá arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́. Yorùbá inú rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo àmì ohùn ló gbọ́dọ̀ pé. Ọmọ Ìbàdàn lè ka Yorùbá tí kò lámì kó sì mọ ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n òṣèré tí wọ́n bí sí Peckham lè ka ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ́, kó wá máa sọ pé ẹ̀jẹ́ ìyá òun ga.

Eré yìí kò sì ṣe é kó lọ sí Houston bó ṣe wà. Ní Íńgíláǹdì, ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún lè wọ ọ̀pọ̀ kẹ́mísìtì kí wọ́n bá a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ NHS, nítorí náà Tóbi lè fi ìyẹn kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Yorùbá Houston kì í sọ jíípìì, fámásì ni wọ́n ń pe kẹ́mísìtì, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá yìí á sì bèèrè ni bóyá inṣọ́ránsì òun máa san án. Ìbéèrè yẹn ló máa gba ìlà kẹrin, ibi tó ti ń sọ pé ara òun le.